Jeremáyà 29:11 tí a tẹ̀ sára aṣọ ẹgbẹ́: ta ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ìyá Tóbi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló wọlé mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa yan Jeremáyà 29:11 fún ọdún yìí, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun mọ èrò àlàáfíà tí òun ń rò sí wa, láti fún wa ní ìgbà ìkẹyìn àti ìrètí. A tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, a tẹ̀ ẹ́ sára ife, èmi sì gbé èyí tó tóbi kọ́ sí ògiri pálọ̀ mi. Ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn ní yunifásítì wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, lẹ́tà onílẹ́tà lẹ gbé kọ́ yìí." Mo ní báwo? Ó ní àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ni Jeremáyà kọ ọ́ sí, pé kò kan èmi àti ẹgbẹ́ mi rárá.

Inú bí mi. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí Bíbélì láti fi dá a lóhùn, mo rí i pé lẹ́tà ni lóòótọ́. Ọdún 2009 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá Tóbi ni mo ti ń fi ẹsẹ yìí gbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì bí onítàn, kí lẹ ń rí níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí ìkúnlẹ̀ bíi tèmi, kí lẹ ń rí? Ṣé kí n yọ nǹkan yìí kúrò lára ògiri ni?

Ajíhìnrere Dúró

Mọ́mì, ẹ má yọ nǹkan kan. Yunifásítì ti ń dojú ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ wa rú. Gbogbo ìlérí inú Bíbélì ló jẹ́ tiwa. Bí ó bá sì jẹ́ ìtàn ni wọ́n ń fẹ́, ìtàn náà gbè wá lẹ́yìn. Jeremáyà ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n wó tẹ́ńpìlì ní 586 ṣáájú Kristi, wọ́n kọ́ èkejì parí ní 516. Ẹ yọ ọ́ wò, 70 géérégé. Kí ni ọ̀mọ̀wé kan fẹ́ wí sí ìyẹn?

Ọlọ́kọ̀ Ìyànà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà fẹ́ kọ ẹsẹ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì mi tuntun, àmọ́ èyí tí ẹ ń sọ yẹn gùn jù. Ṣé Jeremáyà ní kúkúrú kan tó jẹ mọ́ ààbò ojú ọ̀nà?

Ìyá Tóbi

Bọ̀ọ̀dá, ìyẹn kọ́ ni mo bi o. Àmọ́ ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun.

Bàbá Olùkọ́

Ìyá Tóbi, ẹ kú ilé. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní Májẹ̀mú Láéláé títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń fi ẹsẹ yìí kan náà súre fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe bí onítàn ṣe ń ṣe é. Ẹ fi ẹsẹ 11 sílẹ̀ ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 27, kí ẹ kà á dé ìparí orí 29 ní ìjókòó kan, bí ìgbà téèyàn ń ka ìwé ìròyìn.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé wọn kò tíì wó Jerúsálẹ́mù nígbà tí Jeremáyà kọ lẹ́tà yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Nebukadinésárì ọba Bábílónì kó èèyàn. Èyí tó kan lẹ́tà yìí ni ti ọdún 597 ṣáájú Kristi. Wàláà amọ̀ kan tó jẹ́ ti àwọn ará Bábílónì fúnra wọn, tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọjọ́ tí ọba náà gba ìlú sílẹ̀: ọjọ́ kejì oṣù Ádárì ní ọdún keje rẹ̀. Àwọn tó mọ ìṣirò kàlẹ́ńdà ní ó bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 597. Ó kó ọba Jekonáyà lọ, àti ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn oníṣọ̀nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Ó fi Sedekáyà jọba, ó sì fi ìlú sílẹ̀ lódidi. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló padà wá wó o.

Ní àárín àkókò méjèèjì yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: ìgbà wo ni àwọn èèyàn wa máa padà wálé? Ẹ wo orí 28. Wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà dìde nínú tẹ́ńpìlì, ó ní láàárín ọdún méjì, ọba á dé, ohun èlò tẹ́ńpìlì á dé, gbogbo ìgbèkùn á dé. Ó já àjàgà igi tí Jeremáyà gbé kọ́rùn láti fi hàn pé kí wọ́n sin Bábílónì, ó ṣẹ́ ẹ. Ìròyìn ayọ̀ ni. Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣe àmín sí i. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni Ọlọ́run rán an padà pé irọ́ ni.

Ní orí 29 ni lẹ́tà wá dé. Elásà ọmọ Ṣáfánì àti Gemaráyà ọmọ Hilikáyà ni wọ́n fi rán, àwọn tí Sedekáyà ń rán níṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọba Bábílónì. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹ kọ́ ilé, kí ẹ gbé inú rẹ̀. Ẹ gbin ọgbà, kí ẹ jẹ èso rẹ̀. Ẹ fẹ́ ìyàwó, kí ẹ fún àwọn ọmọ yín ní ọkọ àti aya. Ẹ máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó yín lọ, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún un. Ẹ má dá àwọn wòlíì tó wà láàárín yín lóhùn. Lẹ́yìn àádọ́rin ọdún ni mo máa tó bẹ̀ yín wò. Ẹsẹ 10 nìyẹn. Ẹsẹ 11 wá ní: nítorí mo mọ èrò tí mo ń rò sí yín.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, Ìyá Tóbi. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ka lẹ́tà yìí sí létí máa pé ọgọ́rùn-ún kí ó tó rí ọ̀nà ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ ọ, Bábílónì ni wọ́n máa kú sí. Ẹni tí wọ́n ní kó yéé sọ pé "ọdún yìí ni" ni wọ́n kọ ẹsẹ 11 sí. Àwa wá mú un, a fi ń sọ pé ọdún yìí ni. Ọ̀rọ̀ Jeremáyà là ń kà, àmọ́ ohùn Hananáyà la fi ń kà á.

Tóbi

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni Tóbi náà. Mọ́mì ni wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́ sí mi. (Mi ò rẹ́rìn-ín, mo kàn fa ẹnu díẹ̀ ni.)

Sà, ohun tí mo sọ kò ju èyí tí ẹ sọ yìí lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹnì kan àti fún ọ̀pọ̀, nítorí náà oníkálukú máa ń rò pé òun ni. Bíbélì Yorùbá kò jẹ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀. "Yín" ló wà níbẹ̀. Odindi àwùjọ ni, kì í ṣe ẹnì kan. Ìyẹn ni mo ṣe sọ fún Mọ́mì pé kò kàn wọ́n.

Bàbá Olùkọ́

Káre, ọmọ mi. O gbá "yín" yẹn mú, ọ̀pọ̀ àgbà ni kò rí i. Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé "yín" tiwa lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Nínú Bíbélì wa, Ọlọ́run kì í bọ̀wọ̀ fún ènìyàn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. "Ìwọ" àti "ọ" ni, àní fún ọba. Ọ̀pọ̀ ló sì wà nínú Hébérù náà.

Ibi tí o ti sáré jù ni "kò kàn wọ́n". Onítàn lè sọ ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí. Kò ní irinṣẹ́ tó lè fi sọ pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ gbà á. Bí o bá ka Dáníẹ́lì orí 9, o máa bá ẹnì kan tó jókòó ti ìwé Jeremáyà, tó ń ka àádọ́rin ọdún yìí gan-an, tó sì bọ́ sórí ààwẹ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ àti eérú. Kí wọ́n tó dáhùn rẹ̀ tán, ọdún 70 ti di ọ̀sẹ̀ ọdún 70. Ìwé Kíróníkà Kejì orí 36 náà mú un, ó ní ilẹ̀ ló ń gba ìsinmi tó ti pàdánù. Inú Bíbélì gan-an ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà onílẹ́tà gbàdúrà.

Ajíhìnrere, ìṣirò yín náà ní ibi tó ti wá, nítorí Sekaráyà orí 1 àti orí 7 ka 70 mọ́ àkókò tí tẹ́ńpìlì fi wà ní àlàpà. Àmọ́ ẹ padà sí ẹsẹ 10. "Nígbà tí àádọ́rin ọdún bá pé fún Bábílónì" ló sọ, kò dárúkọ tẹ́ńpìlì, tẹ́ńpìlì ṣì wà lórí ìdúró nígbà náà. Láti 597 tí wọ́n kó wọn títí di 539 tí Kírúsì ọba Páṣíà gba Bábílónì, ọdún 58 ni. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti 609 tí Ásíríà fọ́ tán, kó lè pé 70. Àwọn kan ní iye ọjọ́ ayé ènìyàn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, pé ìran kan á kọjá. Èmi fara mọ́ èyí tó kẹ́yìn yìí, àmọ́ mi ò lè fi búra.

Àbúrò Pékàmù

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ tèmi. Ọdún 2011 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìgbélùú kò bọ́ sí i. Láti ìgbà náà, gbogbo òru ọdún tuntun ni wọ́n ń fi Jeremáyà 29:11 ránṣẹ́ sí mi láti ilé: ọdún yìí ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ọdún mẹ́jọ ni mi ò ra ibùsùn. Orí mátírẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ ni mo ń sùn, ẹrù mi wà nínú báàgì, nítorí mo ń retí àtilọ tàbí àtidúró. Mi ò mọ orúkọ aládùúgbò kankan.

Kò sí ọ̀mọ̀wé kankan tó là mí lójú. Bíbélì òwúrọ̀ ni mò ń kà bó ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ, mo wá kan ẹsẹ 5: ẹ gbin ọgbà. Mo sunkún. Ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo lọ ra ibùsùn, mo sì gbin ẹ̀fọ́ sínú ike lójú wíńdò. Ìwé kò tíì dé títí di òní o. Ṣé onítàn ni mí tàbí olùfọkànsìn? Ohun kan ṣì ń jà mí lọ́kàn: ìlú ọ̀tá ni Bábílónì. Báwo ni Ọlọ́run ṣe ní kí wọ́n wá àlàáfíà rẹ̀?

Diakonéésì Àgbà

Àbúrò, Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é. Bí mo ṣe ń kà á nìyẹn náà. Ìyá Tóbi, mo máa ń ka ẹsẹ 4 sí 14 sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kejì, mo máa ń fi bíró fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní kí èèyàn ṣe: kọ́, gbé, gbìn, jẹ, fẹ́, bí, wá, gbàdúrà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo máa ń dákẹ́, mo máa bi ara mi pé èwo nínú wọn ni mò ń sá fún. Ọdún tí ọkọ mi kú, "jẹ" ni. Mi ò fẹ́ jẹun. Ìwé ìtàn kankan ò lè sọ ìyẹn fún mi.

Àmọ́ mo ní àṣà kan. Bí ẹsẹ kan bá ń gbà pẹ̀lú mi ní gbogbo ìgbà, tí kò bá mi wí rí, mo máa ń fura pé ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Ẹsẹ 11 ti ń bá mi gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó ka ẹsẹ 8, níbi tó ti kìlọ̀ nípa àwọn wòlíì tó ń tan èèyàn jẹ.

Ọmọ Alùfáà Ìlọrin

Ẹ máa bínú pé mùsùlùmí dá sí i, ọ̀rọ̀ yìí ló jọ tilé wa. Àwọn alùfáà wa ní ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní asibábù nusúlù, ìyẹn ìdí tí áyà Kùránì kan fi sọ̀ kalẹ̀: ta ló béèrè, kí ló ṣẹlẹ̀, ibo ni Ànábì wà. Al-Wáhídì kó odindi ìwé jọ lórí rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ òfin fi ìlànà kan lélẹ̀: bí ọ̀rọ̀ náà bá gba ọ̀pọ̀ èèyàn, bó ṣe fẹ̀ tó la máa fi mú un, a ò ní há a mọ́ ìdí tó fi sọ̀ nìkan. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní áyà kan sọ̀ nítorí ẹnì kan, kò túmọ̀ sí pé òun nìkan ló ni ín. Ìdí náà á wá jẹ́ kí á mọ ohun tí kò lè jẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà o. Ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ la máa ń tọpasẹ̀. A kì í bi áyà pé ṣé ẹnì kan fi kún ọ, bí mo ṣe gbọ́ pé àwọn onítàn Bíbélì ń ṣe.

Ìyá Tóbi

Hẹn, àwọn wo ló ń fi kún kí ni?

Bàbá Olùkọ́

Alùfáà ti tú àpò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àbúrò wa ní Pékàmù lóhùn. Àwọn tí wọ́n kó lọ kọ́lé lóòótọ́. Wọ́n ti rí wàláà amọ̀ tó jẹ́ ìwé àdéhùn àwọn ará Júdà ní ilẹ̀ Bábílónì. Orúkọ abúlé wọn gan-an ni Ìlú Júdà. Láti 572 dé 477 ni ọjọ́ orí wọn. Oko ni wọ́n ń dá, wọ́n ń san bálì àti déètì, wọ́n ń yá owó, wọ́n sì ń sọ ọmọ ní orúkọ Ọlọ́run wọn. Wàláà mìíràn láti ààfin Bábílónì kọ ìwọ̀n òróró tí wọ́n ń fún Jekonáyà ọba sílẹ̀. Nígbà tí Kírúsì sì ṣílẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ni kò padà. Nípa ìlú ọ̀tá, ẹsẹ 7 fúnra rẹ̀ sọ ìdí: nínú àlàáfíà rẹ̀ ni ẹ̀yin náà yóò ti ní àlàáfíà. Bí wọ́n bá dáná sun Bábílónì, àwọn ìgbèkùn náà máa jóná mọ́ ọn. Àmọ́ kò sí wàláà kan tó lè sọ bóyá Ọlọ́run ló rán Jeremáyà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ onítàn ti tán.

Ó ku ti fífi kún. Ẹ ka ẹsẹ 15: "Ẹ ti ní Olúwa gbé wòlíì dìde fún wa ní Bábílónì." Ẹ wá fo 16 sí 20, ẹ ka 21, níbi tó ti dárúkọ àwọn wòlíì èké ti Bábílónì. Ṣé ẹ rí i pé ó ṣe wẹ́kú? Ẹ wá ka 16 sí 20 padà. Lójijì ló kúrò ní Bábílónì, tó ń fi idà àti ìyàn halẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ́kù sí Jerúsálẹ́mù. Bíbélì Gíríìkì àtijọ́, tí wọ́n túmọ̀ láti Hébérù, kò ní ẹsẹ márùn-ún yẹn. Jeremáyà tirẹ̀ kúrú ju ti Hébérù lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, orí 36 sì ni lẹ́tà wa wà níbẹ̀. Àwọn àjákù awọ tí wọ́n rí nínú ihò Kumurani létí Òkun Òkú fi hàn pé Hébérù kúkúrú bẹ́ẹ̀ wà nígbà àtijọ́. Àní nínú ẹsẹ 11 ti Gíríìkì, "ìrètí" kò sí níbẹ̀.

Ajíhìnrere Dúró

Bàbá, ibi tí mo ń sọ nìyí! Ẹ ti ń já Bíbélì sí wẹ́wẹ́. Ọ̀la ẹ óò ní ẹsẹ 11 náà kò sí.

Tóbi

Ẹ má bínú sà. Sà, ṣé a lè sọ pé àfikún ni 16 sí 20, ká sì parí rẹ̀ síbẹ̀?

Bàbá Olùkọ́

Rárá, Tóbi, a ò lè parí rẹ̀. Wo ọ̀rọ̀ tó parí ẹsẹ 15 nínú Hébérù, kí o wo èyí tó parí ẹsẹ 20. Ọ̀kan náà ni: Bábílónì. Adàwékọ tí ojú rẹ̀ bá fò láti Bábílónì kan sí èkejì máa fo ẹsẹ márùn-ún láìmọ̀. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé Gíríìkì ló sọ nǹkan nù, ó sì lè jẹ́ pé Hébérù ló gba àfikún. Mo ti yí èrò padà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ajíhìnrere, ẹsẹ 11 wà nínú méjèèjì. Àwọn kan ń fi "òpin tí a ń retí" tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ gbàdúrà, bí ẹni pé Ọlọ́run ṣèlérí ohun tí oníkálukú ń retí. Bíbélì Yorùbá wa kọ "ìgbà ìkẹyìn àti ìrètí", èyí tó sún mọ́ Hébérù jù. Ọjọ́ iwájú tó ní ìrètí nínú ni. Kò sọ pé ohun tí mo kọ sínú ìwé àdúrà mi ló ń bọ̀.

Ìyá Tóbi

Ẹ ṣeun o. Lánàá, mo ka ẹsẹ 4 sí 14 fún ẹgbẹ́, bí Diakonéésì ṣe ní. Nígbà tí mo dé àádọ́rin ọdún, ilé pa lọ́lọ́. Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ní òun mọ̀ ọ́n tipẹ́, pé àwọn ọmọ-ọmọ òun ni òun ń gbàdúrà fún. Ẹlòmíràn bínú, ó ní ta ló fẹ́ gbọ́ àádọ́rin ọdún ní ilé àdúrà. Akápò béèrè pé ta ni yóò ra aṣọ tó ṣẹ́kù. Mi ò yọ ti ògiri. Mo ní kí Tóbi bá mi kọ ẹsẹ 10 sókè rẹ̀, ó ní àyè kò tó.

Ajíhìnrere Dúró

Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bi Bàbá ní ìbéèrè kan. Aláìsàn wà ní wọ́ọ̀dù, ó di ẹsẹ 11 mú. Ṣé ẹ máa jókòó tì í, kí ẹ ní ó lè má rí i?

Bàbá Olùkọ́

Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ka ẹsẹ 12 fún un, níbi tó ti ní ẹ óò ké pè mí, màá sì gbọ́ yín, mo máa wá jókòó tì í. Bí ó bá bi mí pé ọdún yìí ni àbí kì í ṣe ọdún yìí, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ máa le fún mi.

Ọlọ́kọ̀ Ìyànà

Ẹsẹ 7 yẹn, "ẹ máa wá àlàáfíà ìlú", ṣé ó máa gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì?